Ìpín Kẹta: Ọjà Láfún ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ibi Tí Tiwa Yóò Gbà Wọlé

Láfún kì í ṣe ọjà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ẹni tí yóò rà á ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àìrí i rà nígbà òjò ni ìṣòro. Láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, oòrùn kì í mú tó láti gbẹ omi ara ẹ̀gẹ́ tí a ti rẹ; á bu, á máa rùn, oníbàárà á sì dá a padà. Nítorí oṣù mẹ́rin yìí gan-an ni a ṣe ń yá owó ra ẹ̀rọ tó ń mú láfún gbẹ.

Àwọn tó ń rà á

Olóúnjẹ mọ́kànlá ló ń rà lọ́wọ́ wa ní Àdéníkẹ àti àyíká Yunifásítì Ladoke Akintọla. Àpò méjì-méjì, oníkílò 50, ni wọ́n ń fẹ́ lóṣù: àpò 22. Àwọn alájàpá mẹ́fà ní ọjà Wàsò àti Tààkì ń fẹ́ márùn-ún-márùn-ún: àpò 30. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 52. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a ń pèsè 40. Nígbà òjò, 14 péré ni agbára wa ká.

Àpò 40 lóṣù ni a fi ṣírò títà ìgbà òjò, kì í ṣe 52. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá gba ìsinmi, ohun tí àwọn olóúnjẹ ń rà máa ń já sí ìdajì, ìyẹn ni pé 41 ni yóò kù. A kò fẹ́ fi owó tí kò dájú ṣèlérí fún báńkì.

Àwọn tí a jọ ń tà

Àwọn ìyá tó ń sá láfún sórí àpáta àti ẹ̀gbẹ́ títì ń tà á ní owó pọ́ọ́kú, àmọ́ òjò tó dá wa dúró ló ń dá àwọn náà dúró, yanrìn sì máa ń wà nínú tiwọn. Alájàpá kan ní Wàsò bu tiwa sẹ́nu lójú wa, ó rún un, ó ní, “Èyí ò ní yanrìn,” ó sì fi àpò méjì kún èyí tó fẹ́ rà.

Àwọn onígàárì ni a ń bẹ̀rù jù. Bí gàárì bá wọ́n, ọ̀dọ̀ wọn ni ẹ̀gẹ́ ń lọ. Àpò láfún kan ń gba ẹ̀gẹ́ tútù tó tó kílò 250, nítorí náà a nílò tọ́ọ̀nù 10 lóṣù. Àgbẹ̀ mẹ́rin ní Sùúrùlérè àti Orí-Ire ti bá wa tọwọ́ bọ̀wé.

Iye owó

Àpò kan ń lọ ní ₦38,000 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ₦47,000 nígbà òjò. ₦42,000 ni a lò, nítorí ẹlòmíràn lè ra irú ẹ̀rọ yìí kí owó ọjà sì wálẹ̀. Àpò 26 tí yóò fi lé sí ti tẹ́lẹ̀ yóò mú ₦1,092,000 wọlé lóṣù. Bí ó bá já sí ₦38,000, ₦988,000 ni.

Ìwé títà wa àti ìwé àdéhùn àwọn àgbẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé yìí.