Ìyá Mùtíù ẹlẹ́lùbọ́ pé 70 lónìí

Ìyá mi Àbẹ̀kẹ́, Ìyèrú Ọ̀kín, Ọlọ́fà mọjọ̀, ọmọ Ọlálọmí, ọmọ abíṣujóórúkọ, ẹ kú ọjọ́ ìbí o. Iṣu náà kúkú lẹ fi tọ́ wa.

Mo mọ̀ pé Ràfíátù ló máa ka èyí sí yín létí, mo sì mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ: "Ta ló ní kó máa kó ọ̀rọ̀ mi síta?" Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kó kà á tán.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ pàdé yín nísọ̀ lọ́jà Owódé á rò pé ìjà lẹ ń wá. Oníbàárà á ní kẹ́ ẹ dín in kù, ẹ ó ní kó lọ ra láfún. Ẹ ó bú iye tó dá, ẹ ó bú ẹni tó rán an wá pàápàá. Àmọ́ tó bá ti sanwó tán, ènì tẹ́ ẹ máa bù lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì kóńgò. Mo bi yín rí pé kí ló dé tẹ́ ò kúkú dín owó náà kù. Ẹ ní, "Owó lowó, ènì lènì." Ìṣirò yẹn ò tíì yé mi títí dòní.

Ẹ ò ní ìwé gbèsè. Ṣọ́ọ̀kì lẹ fi ń fa ìlà sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ìlà kan fún kóńgò kan, ẹ sì mọ ẹni tó ni ìkọ̀ọ̀kan láìkọ orúkọ. Nígbà tí ọkọ ìyá kan ládùúgbò kú, ẹ fomi nu ìlà tirẹ̀ kúrò. Lọ́jọ́ tó wá san díẹ̀ níbẹ̀, ẹ jágbe mọ́ ọn pé kò jẹ yín ní kọ́bọ̀, ṣé ó rò pé arúgbó ti ń ṣarán ni? Òun ń sunkún, ẹ̀yin ń pariwo.

Nígbà tí iṣu gbówó lórí, táwọn kan ń po láfún mọ́ ẹ̀lùbọ́, ẹ ní ẹni tó bá fẹ́ jẹ láfún kó jẹ ẹ́ ní gbangba. Ọjà ò tà. Ọ̀dùnkún la jẹ láàárọ̀, òun la jẹ lálẹ́ (a dúpẹ́ pé kì í wọ́n l'Ọ́fà).

Lórí fóònù náà, èmi ni mo pè, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ pa á: "Ó ti tó, má jẹ́ kí wọ́n jẹ owó ẹ." Kò ní pẹ́, tèmi á dún: "O ò tíì sọ ohun tó o jẹ."

Ẹ pé 70, ẹ ṣì ń débi ẹ̀rọ kí ẹlẹ́rọ tó dé. Kí Ọlọ́hun fi alùbáríkà sẹ́mìí yín, kí orúnkún òsì yẹn rọ̀, kẹ́ ẹ sì gbà ká gbé yín lọ rí dókítà. Àmín.

Ẹ̀yin ẹbí àti ọ̀rẹ́, lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun alásàrí, a máa jókòó ti ìyá nílé. Àmàlà wà, èyí tí ò ní láfún. Ẹni tó bá mú owó dání, kó má fi lé wọn lọ́wọ́ o, wọ́n á bú u ni. Ẹ fún Ràfíátù.