Nípa ìwé ìdáhùn 031, Èdè Yorùbá SS2: máàkì kan láàrin D7 àti C6

Sí Olórí Ẹ̀ka Èdè
Ọjọ́ Ẹtì, 11 Oṣù Keje, 2025

Ẹ kú iṣẹ́, Mà.

Ìwé ìdáhùn ọmọ tó ni nọ́ńbà 031 ló wà lókè pátápátá nínú àpò ìwé tí mo fi ránṣẹ́ sí yín. Mo yà á sọ́tọ̀ nítorí pé 50 ni mo fún un, C6 nìyẹn, bẹ́ẹ̀ máàkì kan péré ló gbà á lọ́wọ́ D7. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìdí tí mo fi fún un ní máàkì ọ̀hún kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Ìbéèrè kẹrin ni, èyí tó dá lórí òǹkà. Òǹkà márùn-ún la ní kí wọ́n kọ, máàkì méjì sì ni fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan fún orúkọ òǹkà, ọ̀kan fún ìṣirò rẹ̀. Ọmọ yìí gba 45, 190 àti 500 láìkù síbì kan. Ìṣirò tó kọ fún 500, (200 × 3) − 100, mọ́ tónítóní, ó sì fi gbogbo àmì ohùn sórí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta.

Orí 2,000 ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹgbàá nìkan ló wà nínú ìlànà ìmáàkì wa. Ohun tí ọmọ náà kọ́kọ́ kọ ni ìṣirò, 200 × 10, tó tọ̀nà. Ó wá kọ "egbaa" láìfi àmì kankan sí i, ó fa igi pa á, ó sì kọ "ẹgbẹ̀rún méjì" sábẹ́ rẹ̀. N kò ka èyí tó fa igi pa sí rárá, nítorí òfin wa ni pé ohun tí ọmọ bá ti pa rẹ́, a kì í máàkì í. Ẹgbẹ̀rún méjì ni mo gbé yẹ̀ wò.

Mo mọ bí ọ̀rọ̀ ẹgbàá, ẹgbàajì àti ẹgbàata ṣe jẹ yín lógún tó, Mà, ó sì jẹ èmi náà lógún. Owó náírà ti sọ ẹgbẹ̀rún di òpó tí gbogbo wa ń fẹ̀yìn tì lọ́jà àti nínú ọkọ̀, àwọn ọmọ kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ẹgbàá nílé mọ́. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún kì í ṣe àjèjì. Igba lọ́nà márùn-ún ni. Ẹni tó bá sọ pé ẹgbẹ̀rún méjì, igba mẹ́wàá náà ló kà, bí ọmọ yìí sì ṣe ṣí ìṣirò rẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn. Ìbéèrè wa ní "kọ ọ́ ní òǹkà Yorùbá", kò ní kí wọ́n kọ orúkọ àtijọ́. Ìdí nìyí tí mo fi fún un ní méjèèjì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé mo ń wá máàkì kiri fún un. Ẹ wo 55 lójú ewé kan náà. "Àádọ́ta lé márùn-ún" ló kọ, ìṣirò rẹ̀ sì jẹ́ (20 × 3) − 10 + 5. Lóòótọ́, 55 náà ni yóò fún èèyàn. Ṣùgbọ́n láti oókan dé ẹẹ́rin là ń lé. Tó bá ti di aárùn-ún, ọgọ́ta ló yẹ kí ojú lọ, kí a sì dín márùn-ún kúrò nínú rẹ̀. Ohun tí ìbéèrè yẹn fẹ́ mọ̀ gan-an nìyẹn, a sì kọ́ wọn dáadáa. Òdo ni mo fún un níbẹ̀, òdo náà ni yóò sì wà. Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni gbogbo ìbéèrè kẹrin wá jẹ́.

Mo ti padà sí ìwé gbogbo kíláàsì. Ẹni tó bá kọ ẹgbẹ̀rún méjì pẹ̀lú 200 × 10 tàbí 200 × 5 × 2 ti gba méjì bíi tirẹ̀. Àwọn tó kọ 1,000 + 1,000 gba ọ̀kan fún orúkọ nìkan, torí ìṣirò wọn kò fi igba hàn. Kò sí ẹlòmíràn tí gíréèdì rẹ̀ yí padà.

Bí ẹ bá rí i pé ẹgbàá nìkan ló yẹ ká gbà, ẹ kọ 49 sí àyè àyẹ̀wò yín lójú ewé àkọ́kọ́, èmi yóò sì yọ máàkì kan kúrò lára gbogbo àwọn tó kọ irú ìdáhùn náà kí ó lè dọ́gba. Mo sì bẹ̀bẹ̀ pé nínú ìdánwò tó ń bọ̀, kí ẹ̀ka wa kọ "ní ìlànà òǹkà ìbílẹ̀" sínú ìbéèrè, bó bá jẹ́ pé ẹgbàá la fẹ́.

Ọjọ́ Ajé la ó gbé èsì sínú ìwé ńlá. Bí mo bá rí èsì yín gbà ṣáájú ìgbà náà, inú mi yóò dùn púpọ̀, Mà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ Èdè Yorùbá, SS2