Ohun tí mo fẹ́ kí o tún ṣe nínú fídíò gàrí wa

Ìjẹ̀bú-Òde,
Ọjọ́ Ajé.

Ṣeun mi,

O kú iṣẹ́ o. Fídíò tí o fi ránṣẹ́, Gari_rough_v1.mp4, ti dé ọwọ́ mi. Mo wò ó lórí fóònù, mo sì tún wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ pẹ̀lú àwọn obìnrin tí a jọ ń yan gàrí, torí tí wọn ò bá gbà pé bí àwọn ṣe ń ṣe é nìyí, kò sí ẹni tí mo lè fi hàn. O ti sọ fún mi pé o kò tíì tún ohùn ṣe, o kò sì tíì mú àwọ̀ dọ́gba, nítorí náà n kò ní bá ọ jà lórí ariwo jẹnẹrétọ̀. Àwọn ohun tó ṣì máa wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí o bá tún ohùn àti àwọ̀ ṣe tán ni mo kọ síbí. Ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá tí fídíò fúnra rẹ̀ ń fi hàn ni àwọn nọ́ńbà tí mo ń lò.

Èyí tó ká mi lára jù ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ. Ní 0:58, a ń rin ẹ̀gẹ́. Ní 1:04, iná ti wà lábẹ́ agbada, Ìyá Àgbà ti ń yan. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà péré! Ẹni tó bá wò ó yóò rò pé a rin ín láàárọ̀, a yan án nírọ̀lẹ́. Irú gàrí bẹ́ẹ̀ wà lọ́jà, owó rẹ̀ sì kéré sí tiwa. Ohun tí oníbàárà wa ń san owó lé lórí ni ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ fi wà nínú àpò títí tó fi kan. Ibẹ̀ ni gàrí Ìjẹ̀bú ti ń di gàrí Ìjẹ̀bú, ibẹ̀ gan-an ni o sì gé dànù. Ẹni tó bá mọ ẹ̀gẹ́ dáadáa á tún kọminú, torí ẹ̀gẹ́ tútù ní májèlé nínú, ara ohun tó sì ń mú un kúrò ni rírin, kíkan, fífún omi rẹ̀ àti yíyan. Bí a bá fo àwọn ọjọ́ yẹn nínú fídíò, ó dà bíi pé à ń fò ó nílé iṣẹ́.

Mo mọ ìdí tí o fi gé e: àpò tó jókòó sílẹ̀ kì í mì, ẹni tó ń wò ó á sì tètè sú. Ṣùgbọ́n àwòrán wà tí o kò lò. Nínú fódà tí mo pè ní apo, láti C0041 dé C0046, àpò kan náà ni a ń yà láàárọ̀ láti ibì kan náà, kámẹ́rà ò kúrò lójú kan. Tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn, kí ẹyọ kọ̀ọ̀kan má ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta lọ. Kọ «Ọjọ́ kìíní» sórí èyí àkọ́kọ́, kí o máa kà á lọ títí dé ọjọ́ tí a tú àpò. Wàá rí i pé àpò náà ń rẹlẹ̀, omi tó ń kán lábẹ́ rẹ̀ sì ń dín kù. Má fi orin sí i níbẹ̀ rárá, omi tó ń kán yẹn ni kí a máa gbọ́.

Lẹ́yìn èyí, jọ̀wọ́, dá C0052 padà. Ìyá Àgbà ló tú ẹnu àpò, ó fi imú sí i, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní ó kù ọjọ́ kan. Kò sí kámẹ́rà tó lè ya òórùn, ojú obìnrin tó ti ń gbọ́ òórùn yẹn látìgbà èwe rẹ̀ nìkan ló lè sọ ọ́ fún wa. Jẹ́ kó gùn tó bó ṣe gùn. Tí o bá ń wá ibi tí o ti máa rí ààyè fún un, gé àwòrán òkè tí dúróònù yà ní 2:40. Òrùlé páànù wa dára lóòótọ́, àmọ́ a kì í ta páànù.

Ètò iṣẹ́ náà tún dàrú láti 1:04 dé 1:51. O fi yíyan sí iwájú jáàkì. Bó ṣe ń lọ nìyí: a bó o, a fọ̀ ọ́, a rin ín, a dì í sínú àpò, a fi sílẹ̀ kó kan, a fi jáàkì tẹ omi inú rẹ̀ dànù, a fọ́ ọ, a kù ú, a yan án, a tẹ́ ẹ kó tutù, a tún kù ú lẹ́ẹ̀kejì kó lè kúnná, kí a tó dì í fún títà. Kíkù méjèèjì jọra lójú kámẹ́rà, mo sì rò pé ohun tó gbé ọ ṣìnà nìyẹn. Wo ọwọ́ wọn: èyí tó ń lẹ̀ mọ́ asẹ́ tí ó sì tutù ni ti àkọ́kọ́. Èyí tó ń dà sílẹ̀ bí iyanrìn ni ti ìkejì, òun sì ni mo fẹ́ kó gùn jù, torí ibẹ̀ ni ojú á ti rí bí gàrí náà ṣe kúnná tó.

Ìbẹ̀rẹ̀ ńkọ́? O fi àwọn ẹlẹ́ṣin Ojúde Ọba bẹ̀rẹ̀. Ó wuyì, àwọn obìnrin yẹn pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n yọ ọ́ kúrò. A kò ya á, a kò mọ ẹni tó ni ín, àwọn tó sì wà lórí ẹṣin yẹn ní ìdílé àti orúkọ tí wọ́n ń ṣọ́, a kò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti fi ojú wọn ta gàrí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tó bá rí ẹṣin á retí ayẹyẹ, ẹ̀gẹ́ la wá fún un. Ibi tí ọ̀bẹ ti ń bó ẹ̀gẹ́ ní 0:21 dé 0:34 ni kí o gbé síwájú pátápátá. Má fọwọ́ kan nǹkan kan nínú rẹ̀, bí ọ̀bẹ ṣe ń dún, bí èèpo ṣe ń já bọ́, bí ẹ ṣe yí i padà láti ojú dé ọwọ́. Ibẹ̀ ló dáa jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀: gàrí wa funfun. A kì í fi epo pupa sí i. Láti 1:30 dé 1:47, iná agbada ti mú un pọ́n, ẹni tó wà ní Ìbàdàn á ní gàrí elépo ni. Ní 1:48, nígbà tí a dà á sórí ọ̀rá lẹ́nu ọ̀nà, àwọ̀ rẹ̀ gan-an ló wà níbẹ̀. Fi ìyẹn ṣe òṣùwọ̀n, kí o mú àwọn yòókù bá a mu. Tí awọ ara àwọn èèyàn bá wá di eérú nítorí ẹ̀, dá a dúró ní àárín, n ò fẹ́ kí Ìyá Àgbà dà bí ẹni tó ń ṣàìsàn nítorí gàrí. Ní 2:05, àwo gàrí kan wà tí n kò mọ̀ rí, tó pọ́n gan-an. Ibi yòówù tí o ti rí i, dá a padà síbẹ̀.

Ìyá Àgbà ń sọ Ìjẹ̀bú, kí ó máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Má gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ kó lè yá. Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ni kí o kọ ní Yorùbá tí gbogbo ènìyàn ń kà, kí ará Ọ̀yọ́ àti Èkìtì lè bá wa lọ. Mo ti tẹ gbogbo ohun tó sọ sínú ìwé tí mo fi mọ́ lẹ́tà yìí, ẹ̀dà tìrẹ ní àṣìṣe púpọ̀.

Obìnrin tó wọ aṣọ aláwọ̀ búlúù ní 1:12 sọ fún mi lẹ́yìn tí ẹ lọ pé òun kò fẹ́ kí ojú òun hàn. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni kí o lò. Lórí èyí, n kò gba «ṣùgbọ́n».

Yọ ọ̀rọ̀ tí o kọ ní 2:22, pé gàrí wa kì í ṣe alárùn ṣúgà ní nǹkan kan. N kò sọ bẹ́ẹ̀ rí, n kò sì lè fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn. NAFDAC kì í fẹ́ kí a fi oúnjẹ ṣèlérí ìwòsàn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ rí ìpolówó oúnjẹ kí a tó gbé e jáde, nítorí náà kò gbọdọ̀ sí ọ̀rọ̀ kankan lórí àwòrán tí a ó tún yí padà lẹ́yìn tí mo bá ti gbé e lọ. Yọ iye owó náà. Iye tí a ń tà á lónìí lè má jẹ́ ti oṣù tó ń bọ̀, fídíò kì í sì í gbọ́ pé ọjà ti wọ́n. Wo nọ́ńbà fóònù tó wà níparí náà: mẹ́wàá ni o tẹ̀, mọ́kànlá ló yẹ kó jẹ́. Wò ó lára àpò kí o kọ ọ́ bó ṣe wà níbẹ̀.

Orin gbajúmọ̀ tí o fi sábẹ́ rẹ̀, wá òmíràn tí a lè san owó rẹ̀ tàbí tí a ní àṣẹ láti lò. Ìlù lásán tó ń dún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ti tó. Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá ń sọ̀rọ̀, kí ó rẹlẹ̀ débi pé mi ò ní máa na etí.

Ní ti gígùn, ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ogójì ìṣẹ́jú-àáyá ti pọ̀ jù. Mo fẹ́ ìṣẹ́jú méjì àbọ̀ fún odindi. Lẹ́yìn náà, fún mi ní ẹ̀dà ìṣẹ́jú kan tó dúró gbọ̀ọ̀rọ̀ fún fóònù, 9:16. Má kàn gé àárín àwòrán fún èyí, torí apá òsì ni agbada wà ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, yóò kàn máa fi ògiri hàn ni. Gbé ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ sókè díẹ̀ pẹ̀lú, kí àwọn bọ́tìnnì tó wà nísàlẹ̀ fóònù má bò ó. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀kan péré ni ẹ̀dà kékeré náà máa gbà, yálà ọjọ́ tó wà nínú àpò tàbí kíkù ìkejì, àwọn ọjọ́ yẹn ni kí o mú.

Àdéhùn wa ni àtúnṣe méjì, èyí sì ni àkọ́kọ́. Bí o bá rò pé ohun kan níbí ti kọjá iṣẹ́ tí a sọ, pàápàá fídíò ìdúró yẹn, sọ iye rẹ̀ kí o tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn. Bí ó bá sì jẹ́ pé èrò rẹ yàtọ̀ sí tèmi lórí ibì kan, pè mí. O mọ ohun tí ojú ń fẹ́ ju mí lọ. Ṣùgbọ́n lórí ètò iṣẹ́ àti àwọ̀ gàrí, èmi ni kí o gbọ́ tèmi.

Mo ní láti rí Gari_v2.mp4 ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí àyè lè wà fún ìwé NAFDAC ṣáájú Iléyá. Àwọn tó ń wálé fún Ojúde Ọba máa ń fẹ́ gbé gàrí padà sí Èkó, mo fẹ́ kí fídíò yìí ti wà lórí fóònù wọn kí wọ́n tó gbéra. Ìdajì owó tó kù ń bẹ nílẹ̀ fún ọ, wàá gbà á lọ́jọ́ tí o bá fi ẹ̀dà ìkẹyìn ránṣẹ́.

Mo ti di gàrí díẹ̀ sílẹ̀ fún ìyá rẹ ní Ṣàgámù. Ní kí ẹni tó bá ń bọ̀ wá sí Òkè-Àjé yà gbà á.

Èmi ni,
Ìyá Bọ́lá