Lẹ́tà sí olùkọ́ Kíláàsì Kẹta: etí Ayọ̀míkún àti ibi tí yóò máa jókòó

Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn
Ọjọ́ 14, oṣù Ọ̀wàrà, 2024

Àǹtí Ṣadé,

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, mà. Ẹ kú làálàá wọn.

Ọ̀rọ̀ etí Ayọ̀míkún ni mo bá wá. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò ìgbọ́ràn fún un ní ọjọ́ 9 oṣù yìí, wọ́n sì rí i pé omi wà lẹ́yìn ìlù etí rẹ̀ méjèèjì. Kì í ṣe omi ìwẹ̀ tàbí omi òjò tó wọ̀ ọ́ létí, inú etí fúnra rẹ̀ ló ti sun jáde. Ihò tóóró kan wà tó so inú etí mọ́ ẹ̀yìn imú, ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà wọlé. Ti ọmọdé kúrú, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú, kò dà gẹ̀rẹ́ bíi ti àgbà. Bí ọ̀fìnkìn bá ti dí i, atẹ́gùn kò ní rí ọ̀nà, omi á gbára jọ, á sì máa fà bíi lẹ́ẹ̀, ìlù etí kò ní lè mì bó ṣe yẹ mọ́. Kì í ranni. Kò sì sí ìdí tí wọn yóò fi ní kó má bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré.

Ohun tí àyẹ̀wò sọ ni pé etí ọ̀tún kò gbọ́ ohùn tí kò bá tó 40 dẹ́síbẹ́lì, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ohùn ṣe ń dún sókè tó, ti òsì sì dúró sí 25. Ọmọ tí etí rẹ̀ dá pé máa ń gbọ́ ohùn 20 tàbí èyí tó kéré sí i. Bí ẹ bá fi ìka di etí yín méjèèjì kí ẹnìkan tó bá yín sọ̀rọ̀, ẹ ó mọ bó ṣe máa ń rí lára rẹ̀. Ẹ ó gbọ́ pé ohùn ń dún, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò ní já geere.

Ibi tí ó ti máa ń ṣì yín gbọ́ nìyí. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ máa ń dé etí rẹ̀, àwọn kọ́ńsónáǹtì tí kò ní ariwo nínú, bíi f, k, s àti t, ni kì í dé. Nítorí náà ẹ̀kọ́ lè di ẹ̀fọ́ lójú rẹ̀, ọ̀pá lè di ọ̀tá. Bí ẹ bá rí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ nínú àpèkọ rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ pè é súnmọ́ yín, kí ẹ tún ọ̀rọ̀ náà pè kí ó máa wo ẹnu yín, kí ẹ tó fàmì sí i pé kò mọ̀ ọ́n.

Ìgbọ́ràn náà kì í dúró sójú kan. Lónìí ó lè dáhùn kíákíá, lọ́la tí ọ̀fìnkìn bá tún mú un, á dà bí ẹni pé ó kọ etí ikún sí yín. Kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, mà. Lọ́wọ́ ọ̀sán ó tún máa ń le sí i, torí pé ọmọ tó ń fi gbogbo agbára tẹ́tí máa ń rẹ̀ kí ilé-ẹ̀kọ́ tó parí.

Ìjókòó rẹ̀ ló ká mi lára jù. Níbi tó jókòó báyìí, ìlà kẹrin lẹ́bàá fèrèsé ojú títì, ariwo mọ́tò àti jẹnẹrétọ̀ ló ń kọ́kọ́ dé etí rẹ̀ tó dára. Mo bẹ̀ yín kí ẹ gbé e wá sí ìlà kejì, ní apá ọ̀tún bí àwọn ọmọ bá kọjú sí pátákó, ìyẹn apá òsì tiyín bí ẹ bá kọjú sí wọn. Bí ó bá wà níbẹ̀, etí òsì rẹ̀ ni yóò kọjú sí yín àti sí ọ̀pọ̀ ọmọ kíláàsì, ariwo títì á sì jìnnà sí i. Mo yan ìlà kejì dípò ti àkọ́kọ́ kí ó lè rí ohun tí àwọn tó wà níwájú ń ṣe bí ẹ bá pàṣẹ. Kí àyè tó wà láàárín yín má ju mítà méjì lọ bí ẹ bá ń ṣàlàyé ohun tuntun, nítorí bí àyè bá di ìlọ́po méjì, ohùn á dín ní nǹkan bíi dẹ́síbẹ́lì 6, ọ̀nà kò sì jìnnà sí ibi tí kò ti ní gbọ́ rárá. Ẹ má jẹ́ kí fáànù dúró tì í. Ẹ gbà á láàyè kó yí àga rẹ̀ díẹ̀ bí ọmọ mìíràn bá ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ pe orúkọ rẹ̀ kí ẹ tó bi í ní ìbéèrè, kí ó ti gbójú sókè. Bí ẹ bá ń kọ nǹkan sí pátákó, ẹ parí kíkọ náà, ẹ yíjú padà, kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Kò nílò ariwo: bí ènìyàn bá pariwo, ẹnu rẹ̀ kì í rí bó ṣe máa ń rí, kò sì ní rọrùn láti wò. Ẹ kàn sọ̀rọ̀ bí ẹ ti máa ń sọ ọ́, kó má yára jù. Ìdáhùn tí ọmọ mìíràn bá fún yín láti ẹ̀yìn, ẹ bá wa tún un sọ. Bí ẹ bá bi í pé, “Ṣé o gbọ́?”, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà” ni yóò dáhùn, ojú á tì í láti sọ pé òun kò gbọ́. Ẹ ní kó sọ ohun tó fẹ́ ṣe fún yín, níbẹ̀ ni ẹ ó ti mọ̀.

Nǹkan kan wà tí n kò lè fi mọ ní ẹ̀bẹ̀ lásán. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbá a létí, ìbáà ṣe olùkọ́ tàbí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìgbátí lè fa ìlù etí ya. Kí wọ́n má sì ro nǹkan kan sí i, kí wọ́n má fi ẹ̀yìn bírò tàbí òwú ho ó, torí ẹ̀yìn ìlù etí ni omi náà wà, ohun tí a bá kì bọ ìta kò lè dé ibẹ̀.

Lákòókò ìsinmi àti nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ń parí, ó lè má gbọ́ agogo, ó sì lè má mọ ibi tí fèrè mọ́tò ti ń dún nítorí pé etí méjèèjì kò gbọ́ bákan náà. Kí ó dúró sínú ọgbà títí ẹni tó ń mú un yóò fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Oṣù mẹ́ta ni dókítà ní ká fi wò ó, torí pé omi yìí sábà máa ń gbẹ fúnra rẹ̀ láàárín ìgbà náà, oògùn apakòkòrò kò sì fi bẹ́ẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Ṣẹ́rẹ́, 2025, ni a ó tún un yẹ̀ wò. Bí omi náà bá ṣì wà, wọn yóò bá wa sọ̀rọ̀ lórí túùbù kékeré tí wọ́n máa ń fi sí ìlù etí. Bí ó bá ti lọ, èmi fúnra mi ni máa mú ìwé náà wá bá yín.

Bí etí bá ń ro ó, bí nǹkan bá ń ṣàn jáde níbẹ̀, bí ara rẹ̀ bá gbóná tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ, ẹ pè mí lọ́jọ́ náà gan-an. Nọ́ńbà mi wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀dà èsì àyẹ̀wò wà nínú àpòòwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi han àwọn olùkọ́ yòókù tó ń wọ kíláàsì yín. Máa yà ní Ọjọ́bọ̀ ní aago méjì ọ̀sán, kí a jọ wo ibi tí ẹ gbé àga rẹ̀ sí.

Èmi ni,
Ìyá Ayọ̀míkún