Ẹyin Fún Àwọn Ọmọ Wa

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìjókòó o. Mi ò ní pẹ́, mo mọ̀ pé ọjà Àjàṣẹ́ ń dúró dè yín.

Wọ́n ní ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin á jalè. Ìyá mi gbà á gbọ́, kò fún mi jẹ. Ẹran inú ìkòkò ni mo wá ń jí! Ọmọ tó ti pé oṣù 6 lè jẹ ẹyin. Ẹ sè é títí pupa inú rẹ̀ á fi le, ẹ fọwọ́ mímọ́ rún un sínú ẹ̀kọ.

Owó ńkọ́? Kíréètì kan, ẹyin 30 ni. Bí ẹni 6 bá dáwó jọ, márùn-ún márùn-ún ló kàn yín. Ẹyin awó náà dára. Èyí tó ti sán, bó ti wù kó dínwó tó, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.