Ẹ dákun, ẹ forí jì mí: ọ̀rọ̀ oúnjẹ òkú Apáta tó pẹ́ dé

Ẹ̀yin oníbàárà mi, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin tí ẹ ti ń gbé iṣẹ́ fún mi láti ọdún 2013, mo kúnlẹ̀ níwájú yín. Ọ̀pọ̀ yín ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi òkú àgbà kan ní Apáta, n'Íbàdàn, ní Sátidé ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2025. Òótọ́ ni. Wọ́n ní ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé mo fẹ́ tètè dìde ni mo ṣe ń bẹ̀bẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́ gan-an lẹ́nu èmi fúnra mi.

Oúnjẹ ènìyàn 450 ni mo gbà: jọ̀lọ́ọ̀fù, ìrẹsì funfun àti ọbẹ̀ ata díndín, àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú, mọ́ínmọ́ín eléwé. Aago 12 ọ̀sán ló yẹ kí kúlà ti balẹ̀. Aago 4 kọjá ogún ìṣẹ́jú la dé. Àwọn àgbà tó ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ láìfẹnu kan nǹkan jókòó sábẹ́ kánópì, ebi ń pa wọ́n; àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà wà nínú wọn. Àwọn ọmọ olóòkú ń sáré ra búrẹ́dì àti ẹlẹ́rìndòdò kiri pẹ̀lú aṣọ ẹbí lọ́rùn. Nígbà tí a fi máa ṣí kúlà, ọ̀pọ̀ àlejò ti lọ sílé.

Kì í ṣe òjò, kì í ṣe súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Èmi ni mo gba iṣẹ́ méjì lọ́jọ́ kan. Ìkómọ ènìyàn 120 wà ní Ọ̀jọ́ọ́ láàárọ̀, mo rò pé a máa kúrò níbẹ̀ ní aago 9. Ìkòkò kan náà, kúlà kan náà, ọkọ̀ kan náà ni mo fẹ́ fi ṣe méjèèjì, aago 11 sì ti kọjá kí ọkọ̀ tó padà sí Mọ́kọ́lá. Bẹ́ẹ̀ ni mi ò ra ẹran sílẹ̀ ní Fúráìdé, torí iná ọba ò dúró, ẹ̀rù sì ń bà mí kó má baà bàjẹ́. Ìdájí Sátidé ni mo tó rán ọmọ lọ sí odò ẹran ní Akínyẹlé. Ẹ̀yin alásè mọ̀ pé omi ẹran la fi ń se jọ̀lọ́ọ̀fù. Ẹran tí kò tíì jinná, kò sí bí a ṣe fẹ́ dín in. Gbogbo iṣẹ́ ń dúró de ẹran.

Èyí tó ń dùn mí jù ni irọ́ tí mo pa. Aago 1 ni àkọ́bí olóòkú pè mí. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, a ti wà lọ́nà." Ìrẹsì ṣì wà lórí iná. Ó tún pè ní aago 2, mo tún sọ bẹ́ẹ̀. Ká ní mo ti sọ òótọ́ láti aago 11 ni, wọn ì bá ti ra ìpápánu sílẹ̀, wọn ì bá ti wá ọgbọ́n mìíràn dá. Àlejò ò mọ alásè. Olóòkú ni wọ́n mọ̀, òun ni wọ́n sì máa sọ pé ó febi pa àwọn níbi òkú ìyá rẹ̀. Orúkọ ẹni ẹlẹ́ni ni mo fi ẹnu mi bà jẹ́.

Ní Mọ́ńdè, èmi àti ọkọ mi lọ bá wọn nílé. Mo dá ìdajì owó wọn padà, ₦1,237,500, mo sì san owó búrẹ́dì àti ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n rà. Mo ti kọ́kọ́ ní kí n wá se oúnjẹ ìdúpẹ́ ọjọ́ Àìkú lọ́fẹ̀ẹ́, wọn ò gbà, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Ẹ̀gbọ́n náà gbà kí n kọ èyí, ó ní kí n má ṣáà dárúkọ ìdílé wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, àwọn ọmọ tó ń gbé oúnjẹ tí wọ́n bú lọ́jọ́ náà ò jẹ̀bi ohunkóhun. Wọn ò sùn láti alẹ́ Fúráìdé. Èmi ni kí ẹ bá wí.

Láti ìsinsìnyí lọ, iṣẹ́ tó bá ti ju ènìyàn 200 lọ, òun nìkan ni mo máa gbà lọ́jọ́ náà. Mo ti wí fún àwọn méjì tí mo gba iṣẹ́ wọn pọ̀ sí Sátidé kan náà lóṣù kẹjọ; ọ̀kan ti gba owó rẹ̀ padà. Ẹran máa wọlé ní Fúráìdé, a ó bọ̀ ọ́, a ó dín in lálẹ́ ọjọ́ náà, kó má baà sí pé iná ọba ló ń pàṣẹ fún wa. Ní aago 8 àárọ̀ ìnáwó yín, èmi fúnra mi máa pè yín, máa sọ ibi tí iṣẹ́ dé, ì báà dùn létí, ì báà má dùn. Bí oúnjẹ bá fi wákàtí kan pẹ́ ju àsìkò tí a kọ sílẹ̀, ẹ yọ ìdá mẹ́wàá nínú owó mi.

Ẹni tó bá ti san àsansílẹ̀ fún ìnáwó tó ń bọ̀, tí ọkàn rẹ̀ ò sì balẹ̀ mọ́, kó wá gba owó rẹ̀ pé pérépéré. Mi ò ní bi í ní ìbéèrè kankan, mi ò sì ní bínú. Mo wà nílé ìdáná ní Mọ́kọ́lá láti Mọ́ńdè dé Tọ́sìdeè, aago 8 àárọ̀ sí aago 5 ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ lórí ohun tí mo ṣe, kó wá. Mo máa jókòó gbọ́ ọ.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ìbejì, alásè, Mọ́kọ́lá