Agbádá Sányán

Ọ̀gá ti lọ síbi ìsìnkú ní Ìwó láti àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ó ní kí Mulíkà yẹ ìwé oníbàárà wò, kó fàlà sí gbogbo aṣọ tó ti lọ. Ìró àti bùbá ìyá aláṣaró, ó ti lọ. Yunifọ́ọ̀mù ọmọ méjì, ó ti lọ. Ó fẹ́ẹ̀ pa ìwé náà dé nígbà tó rí ìlà kan tí òróró mọṣíìnì ti ta sí:

“Bọ̀dá Ṣẹ́gun, Mọ́kọ́lá. Agbádá sányán, bùbá, ṣòkòtò, fìlà. Ìgbéyàwó, Sátidé. Mọ́ńdè ni yóò gbà á.”

Mọ́ńdè ti kọjá. Mulíkà bẹ̀rẹ̀ sí í tú ṣọ́ọ̀bù. Kò sí lára ìkọ́, kò sí nínú àwọn tí wọ́n ti lọ̀. Abẹ́ tábìlì ìgéṣọ ló ti rí i nínú ọ̀rá, ó ṣì wà ní kíká bó ṣe ti Ìsẹ́yìn dé. Wọn ò tíì tò ó! Ẹni tó bá ti rán sányán rí mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí: tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun ún, èèyàn gbọ́dọ̀ to gbogbo rẹ̀ mọ́ra kó tó mú sísọ́ọ̀sì rárá.

Ó pe ọ̀gá. Ìlù ń dún lẹ́yìn.

“Tó bá pè, sọ fún un pé ó ku bọ́tìnì.”

“Ọ̀gá, agbádá ni.”

“Ehn, ó ku iṣẹ́ ọrùn.” Ó gé fóònù.

Kò pẹ́ tí Bọ̀dá Ṣẹ́gun fi pè lóòótọ́. “Mulíkà, aṣọ mi ńkọ́?”

Irọ́ náà ti dé ẹnu rẹ̀. Àmọ́ bí ó bá pa á, Sátidé kò ní yẹ̀.

“Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. A ò tíì tò ó.”

Ọkùnrin náà dákẹ́ pẹ́. “Mò ń bọ̀.”

Kí wọ́n tó dé, Mulíkà ti pààrọ̀ abẹ́rẹ́ sí èyí tó nípọn, ó ti to ojú mẹ́fà, iná sì ti lọ. Bọ̀dá Ṣẹ́gun nìkan kọ́ ló wá. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú ẹní lábẹ́ abíyá. Màmá náà ò bú ẹnikẹ́ni. Ó tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọṣíìnì, ó jókòó.

“Èmi àti aṣọ yìí la jọ ń lọ sílé. Ṣẹ́gun, lọ ra bẹtiróò wá.”

Ó ti lé ní aago mẹ́wàá alẹ́ kí ọ̀gá tó yọjú. Bó ṣe rí màmá lórí ẹní, ó fẹ́ pẹ̀yìn dà.

“Ọ̀gá télọ̀, ẹ káàbọ̀,” ni màmá wí. “Ẹ sọ fún Ṣẹ́gun lánàá pé ó ku bọ́tìnì. Ẹ wọlé, ẹ wá bá wa kó o.”